Ẹrù Tí Kò Dárúkọ Orílẹ̀-Èdè: Ohun Tí Kóòdù Àdírẹ́sì Ń Sọ

Ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè tirẹ̀ kì í sábà kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí ìdí àdírẹ́sì. Ará Tòróńtò tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí Ọ́táwà kò rí ìdí tí yóò fi kọ Kánádà síbẹ̀. Ìgbà tí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wàhálà dé. Ọmọ tó wà lókè òkun á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá á dà á kọ sára páálí ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ, á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kágò ní Dùgbẹ̀, á sanwó, á lọ. Nígbà tí akọ̀wé bá ń to ẹrù nírọ̀lẹ́ ni yóò tó rí i pé orúkọ àdúgbò wà níbẹ̀, nọ́ńbà ilé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ orílẹ̀-èdè. Nígbà mìíràn sì rèé, òjò ló pa ìwé ara páálí, tí ìlà ìsàlẹ̀ sì fà ya lọ.

Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ló wúlò jù nínú ohun tó bá ṣẹ́kù. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń pè é ní pósítíkóòdù, àwọn ará Àmẹ́ríkà ní sípíkóòdù. Kóòdù lásán ni n ó máa pè é nínú orí yìí. Ohun tí akọ̀wé ní láti mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló dá kóòdù tirẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó jókòó pín in fún gbogbo ayé bí wọ́n ṣe pín nọ́ńbà tẹlifóònù, tí +234 fi jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan. Nítorí náà, nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ ti ìlú mẹ́ta ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Ohun tó yàtọ̀ ni ìrísí rẹ̀: iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, bóyá lẹ́tà wà láàárín wọn, ibi tí àlàfo tàbí ìlà kékeré bọ́ sí, àti bóyá ó ṣáájú orúkọ ìlú tàbí ó tẹ̀lé e.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi jẹ́ dída ìlà tí kóòdù wà kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, tàlàfo-tàlàfo, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló máa ń yọ àlàfo kúrò kí ó lè mọ́ lójú, wọ́n sì ti sọ ìdajì ẹ̀rí nù bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà bí ó bá ṣeé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá lẹ́tà wà nínú kóòdù náà. Bí lẹ́tà bá wà, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí orílẹ̀-èdè tó ń da lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà kò pọ̀. Nínú ẹrù tó ń gba ọwọ́ àwọn èèyàn wa kọjá, Bírítéènì, Kánádà, Họ́láǹdì àti Áyálàǹdì ló máa ń pọ̀ jù. Ti Họ́láǹdì rọrùn láti mọ̀: nọ́ńbà mẹ́rin, àlàfo, lẹ́tà méjì, lẹ́yìn náà orúkọ ìlú, bíi 1012 JS AMSTERDAM. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kì í jẹ́ òdo. Ti Áyálàǹdì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2015, ní ọ̀nà méjì, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún, bíi A65 F4E2. Mẹ́rin apá ọ̀tún yìí ló fi í hàn, torí apá ọ̀tún ti Bírítéènì àti ti Kánádà kì í ju mẹ́ta lọ láé.

Bírítéènì àti Kánádà gan-an ló máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn lójú. Ẹ jẹ́ ká fi àdírẹ́sì kan ṣe é. Ohun tó ṣẹ́kù lára ìwé ni orúkọ òpópónà tí kò hàn dáadáa, lẹ́yìn náà «London», lẹ́yìn náà N6A 4L9. Akọ̀wé tó bá kánjú á ti sọ ọ́ sínú àpò Ìlú Ọba, torí Lọ́ńdọ̀nù kan ṣoṣo ló mọ̀. Àdúgbò kan sì wà ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, Háígéètì, tí kóòdù rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N6 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù mìíràn wà ní ẹkùn Ọntárió ní Kánádà, kóòdù tirẹ̀ náà sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N5 tàbí N6. Orúkọ ìlú bára mu, ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù bára mu. Kí ló kù?

Ìparí rẹ̀ ló kù. Ní Bírítéènì, mẹ́ta tó gbẹ̀yìn máa ń jẹ́ nọ́ńbà kan àti lẹ́tà méjì, láìyẹ̀: 1AA, 2AA, 5QT. Apá òsì rẹ̀ lè gùn, ó lè kúrú, láti méjì dé mẹ́rin. Apá ọ̀tún kì í yí padà. Ti Kánádà máa ń jẹ́ mẹ́fà gérégé, lẹ́tà àti nọ́ńbà á sì máa gbara wọn tẹ̀lé: lẹ́tà, nọ́ńbà, lẹ́tà, àlàfo, nọ́ńbà, lẹ́tà, nọ́ńbà. Nítorí náà, ẹ wo ohun tó kẹ́yìn pátápátá. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà, Bírítéènì ni. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà, Kánádà ni. 4L9 parí pẹ̀lú nọ́ńbà, ẹrù náà ń lọ sí Ọntárió. Kóòdù gbọ̀ngán ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti Kánádà gan-an ni N6A 4L9.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ bá burú ńkọ́, tí 9 ìkẹyìn yẹn sì jọ g? Ẹ̀rí kejì wà. Bí a bá kà á bíi 4LG, ìparí rẹ̀ bá òfin Bírítéènì mu, àmọ́ a jẹ́ pé apá òsì rẹ̀ yóò jẹ́ N6A. N6 wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti Ìlú Ọba, N6A kò sí. Irú ìkọ̀wé tí lẹ́tà fi ń gbẹ̀yìn nọ́ńbà lápá òsì bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn àdúgbò díẹ̀ láàárín ìlú, bíi W1A àti SW1A, kì í ṣe gbogbo àdúgbò. Ìkàwé bíi ti Bírítéènì kùnà níwájú, ìkàwé bíi ti Kánádà kò kùnà níbì kankan. Ọ̀nà tó dára jù láti yanjú lẹ́tà tí kò hàn nìyí: ẹ má tẹjú mọ́ lẹ́tà náà nìkan, ẹ gbìyànjú ìkàwé méjèèjì lára gbogbo kóòdù náà, kí ẹ wo èyí tó dúró.

Àwọn tó ṣe kóòdù wọ̀nyí mọ̀ pé ojú lè tan èèyàn jẹ, wọ́n sì yọ àwọn lẹ́tà kan kúrò. Kánádà kò lo D, F, I, O, Q àti U rárá, kò sì fi W tàbí Z bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, òbírí tí ẹ bá rí nínú kóòdù Kánádà, òdo ni, kì í ṣe lẹ́tà. Bírítéènì kò lo C, I, K, M, O àti V nínú lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn. Bí kóòdù kan bá jọ ti Bírítéènì ṣùgbọ́n tó parí pẹ̀lú M tàbí V, ẹni tó dà á kọ ló ṣì í, ẹrù náà kò sì gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó bi í.

Bí kò bá sí lẹ́tà níbẹ̀, kíkà bẹ̀rẹ̀, ìlà kékeré sì ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Ibi tó bọ́ sí máa ń sọ̀rọ̀ ketekete. Nọ́ńbà márùn-ún, ìlà, nọ́ńbà mẹ́ta: Bùràsíìlì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Salifadọ̀ ní Bàhíà ṣe ń kọ tiwọn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 40 tàbí 41, tàbí 42 díẹ̀. Mẹ́rin, ìlà, mẹ́ta: Pọ́túgà. Mẹ́ta, ìlà, mẹ́rin: Jàpáànù. Méjì, ìlà, mẹ́ta: Pólàǹdì. Márùn-ún, ìlà, mẹ́rin: Àmẹ́ríkà, fún àwọn tó ń kọ kóòdù wọn ní gígùn, ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Pọ́túgà àti Jàpáànù ní nọ́ńbà méje-méje. Ẹni tó bá ti yọ ìlà kúrò ti sọ wọ́n di ọ̀kan náà.

Nọ́ńbà márùn-ún láìsí ìlà ló le díẹ̀, nítorí ó pọ̀ ní ayé: Àmẹ́ríkà, Jẹ́mánì, Faransé, Ítálì, Sípéènì, Mẹ́síkò, Túkì, àti àwọn mìíràn. Níbí, ipò kóòdù sí orúkọ ìlú ló ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ará Yúróòpù ń kọ kóòdù ṣáájú ìlú. Àwọn ará Àmẹ́ríkà ń kọ ìlú, lẹ́tà méjì fún ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà kóòdù. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni Pàrísì. Ti Faransé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 75, ó sì máa ń jẹ́ 75001 dé 75020, tó ń tẹ̀lé àdúgbò ogún tí wọ́n pín ìlú náà sí, pẹ̀lú 75116 fún apá kan àdúgbò kẹrìndínlógún. Àmọ́ ìlú kékeré kan wà ní Tẹ́sáàsì tó ń jẹ́ Pàrísì, kóòdù rẹ̀ sì ni 75460. Òun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 75! Ẹni tó mọ̀ pé 75 ni Pàrísì, tí kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fi ẹrù ará Tẹ́sáàsì ránṣẹ́ sí Faransé pẹ̀lú ìdánilójú. 75011 PARIS, Faransé. PARIS TX 75460, Àmẹ́ríkà. Bí TX bá ti ya kúrò, ipò kóòdù lẹ́yìn ìlú ṣì ń tọ́ka sí Àmẹ́ríkà, 460 ìparí rẹ̀ kò sì sí lára àdúgbò ogún yẹn. Ohun kan péré ló lè dá iyèméjì sílẹ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Faransé ní kóòdù àkànṣe tó ju 75020 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ CEDEX sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìlú. Bí kò bá sí CEDEX, kì í ṣe tiwọn.

Ó wá ku nọ́ńbà mẹ́fà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Kóòdù Nàìjíríà jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà láìsí lẹ́tà, láìsí ìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Íńdíà, Ṣáínà, Rọ́ṣíà àti Síńgápò. Wọ́n sì ń kọlu ara wọn ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Ìkẹjà ni 100; ní Bèjíǹgì náà, 100 ni. Ìbàdàn ni 200. Ṣàngháì náà ni 200. Erékùṣù Èkó ni 101. 101000 sì ni ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbà ní Mọ́síkò. Abẹ́òkúta ni 110, New Delhi ni 110, Ṣẹ̀nyángì ní àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà náà ni 110.

Òdo níwájú máa ń dín ọ̀rọ̀ kù. Nàìjíríà, Íńdíà àti Rọ́ṣíà kò fi òdo bẹ̀rẹ̀ kóòdù wọn. Síńgápò àti Ṣáínà ń ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àwọn ará Íńdíà sábà máa ń fi àlàfo sí àárín, mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì tún máa ń fi ìlà kékeré so ó mọ́ orúkọ ìlú tó ṣáájú rẹ̀. Àpò ìwé Ṣáínà ní àpótí pupa kéékèèké mẹ́fà lókè lápá òsì, inú ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ kóòdù ẹni tó fẹ́ gbà á sí. Ti Rọ́ṣíà ní àmì tó-tò-tó nísàlẹ̀ lápá òsì, tí wọ́n ń fa nọ́ńbà onígun lé lórí kí ẹ̀rọ lè kà á.

Ẹ wo páálí kan báyìí: òkè ìwé rẹ̀ ti ya, ohun tó kù ni «...sad Marg – 110 001». Nọ́ńbà mẹ́fà ni, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 110, nítorí náà Abẹ́òkúta, New Delhi àti Ṣẹ̀nyángì ló wà lójú ọ̀nà. Àlàfo àárín àti ìlà tó ṣáájú jọ ti Íńdíà, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí ẹnikẹ́ni ní Ìjemọ̀ lè kọ 110 001 bẹ́ẹ̀ bó bá wù ú. «Marg» ló parí ọ̀rọ̀: òpópónà ni ní èdè Híńdì, àwọn òpópónà ńlá New Delhi sì kún fún un. Ká ní Abẹ́òkúta ni, ohun tí à bá rí ni «opposite» tàbí «beside», orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé epo, nítorí bí a ṣe ń júwe ilé níbí nìyẹn. Ẹ̀rí inú kóòdù àti ẹ̀rí ara òpópónà bára mu. New Delhi ni.

Bí «Marg» náà bá ti ya ńkọ́? Ẹ wá nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà alágbèéká Nàìjíríà jẹ́ mọ́kànlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Ti Ṣáínà náà jẹ́ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n 1 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti Íńdíà jẹ́ mẹ́wàá, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 9. Kódà bí wọn kò bá kọ nọ́ńbà ìpè orílẹ̀-èdè síwájú rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè dà pọ̀ bí ó bá pé.

Èrò tèmi lórí nọ́ńbà mẹ́fà ni pé, bí ẹ bá rí i, kí Nàìjíríà jẹ́ èyí tí ẹ ó fura sí kẹ́yìn. Kì í ṣe pé kóòdù wa kò sí; a kì í kọ ọ́ ni. Ẹni tó ń gbé Mọ́kọ́lá kò mọ kóòdù Mọ́kọ́lá. Àwọn yunifásítì, ilé-ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba ló máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé wọn. Dípò rẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn wa ń kọ nígbà tí fọ́ọ̀mù òkèèrè bá fi dandan béèrè ni 23401, tí wọ́n mú jáde láti inú nọ́ńbà ìpè orílẹ̀-èdè wa àti ti Èkó. Nọ́ńbà márùn-ún nìyẹn, ìrísí Àmẹ́ríkà ló ní, gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234 ní Àmẹ́ríkà sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Fàjíníà. Bí ẹ bá rí 23401 lábẹ́ Sùúrùlérè tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fa ìlà sí i, ẹ kọ Nàìjíríà síbẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ̀rọ tó ń to ẹrù lókè òkun má baà kà á bí nǹkan mìíràn.

Nọ́ńbà mẹ́rin kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: Ọsirélíà, Gúúsù Áfíríkà, Bẹ́ljíọ̀mù, Ọ́sítríà, Swísàlàǹdì, Dẹ́máàkì ń lò ó, 2000 sì jẹ́ ti àárín ìlú Sídínì, ó tún jẹ́ ti Jòhánẹ́sbọ̀ọ̀gì. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni mẹ́rin tó yẹ kó jẹ́ márùn-ún. Kóòdù apá àríwá ìlà-oòrùn Àmẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo: Bọ́sítọ̀nù ní 02108, Níúákì ní Níú Jẹ́sì ní 07102. Bí akọ̀wé bá tẹ irú wọn sínú táblì ìṣirò kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ro pé iye owó ni, á ju òdo nù, 2108 ló sì máa tẹ̀ jáde sórí ìwé. Lẹ́tà méjì ìpínlẹ̀, MA tàbí NJ, ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ kàn kíyè sí WA, nítorí Wọ́ṣíńtọ̀nù ní Àmẹ́ríkà ń lò ó, ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà náà ń lò ó. Kóòdù Wọ́ṣíńtọ̀nù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 98 tàbí 99, kò ní òdo tó lè sọnù. WA 6000 kò lè jẹ́ ibòmíràn ju Pẹ́ẹ̀tì ní Ọsirélíà lọ.

Nígbà mìíràn, àìsí kóòdù gan-an ni ẹ̀rí. Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kò ní kóòdù. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń kọ BP sí. Ní Kútọnu, nọ́ńbà méjì máa ń ṣáájú rẹ̀, bíi 01 BP, tó ń tọ́ka ilé ìfìwéránṣẹ́ tí àpótí náà wà. Ẹ má ṣe ka 01 yẹn mọ́ nọ́ńbà àpótí kí ẹ wá fi ṣe kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà. Àwọn nìkan kọ́ ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí Àbíjáàn àti Wagadúgù náà ń kọ 01 BP, wọ́n sì sábà máa ń tún 01 náà kọ lẹ́yìn orúkọ ìlú.

Páálí tí ó bá ṣì bá orílẹ̀-èdè méjì mu lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má kọ orílẹ̀-èdè kankan sí i. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé e sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ọkọ̀ yóò kó lọ lálẹ́, kí ẹ pe ẹni tó gbé e wá. Bí ẹ bá sì pè é, ẹ má dárúkọ ibì kankan fún un. Ẹni tí ẹ bá bi pé «Mọ́mì, ṣé Lọ́ńdọ̀nù ni?» á ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ló sì sọ, bẹ́ẹ̀ Ọntárió ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ẹ bi í pé orílẹ̀-èdè wo ni ọmọ náà wà, kí ẹ jẹ́ kó dárúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ní kó ka nọ́ńbà fóònù ọmọ náà sí yín létí láti orí àmì ìròpọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.